Fóònù Tuntun, Ilẹ̀kùn Títì: Bí Ẹ Ṣe Lè Gba Áàpù Owó Yín Padà Láìsí Ewu

Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin kan tó ń ta àǹkárá ní ọjà Gbági n'Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ. Ojú fóònù rẹ̀ ti fọ́ tipẹ́, ó wá ra òmíràn lọ́jọ́ Sátidé. Ọmọ rẹ̀ bá a yọ síìmù kúrò nínú ti tẹ́lẹ̀, ó kì í bọ inú tuntun, ó sì bá a kó nọ́ńbà, fọ́tò àti áàpù wá láti orí àkáǹtì Google rẹ̀. Gbogbo ẹ̀ dé pé pérépéré. Áàpù tó fi ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà náà dé, àmì rẹ̀ sì wà níbi tó máa ń wà. Ṣùgbọ́n nígbà tó tẹ̀ ẹ́, áàpù ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ó ní kó tẹ nọ́ńbà fóònù, ó tẹ̀ ẹ́. Ó ní kó tẹ PIN, ó tẹ èyí tó ń lò lójoojúmọ́. Ni ọ̀rọ̀ kan bá yọ lójú fóònù: `New device detected`. Wọ́n ní kó gbé ojú rẹ̀ sí kámẹ́rà. Ó gbé e sí i lẹ́ẹ̀mẹta nínú yàrá tí kò níná, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n kọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀, ₦186,000 tó fẹ́ fi ra ọjà ní Mọ́ńdè wà nínú ẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́kàn ni pé owó ti lọ. Owó kò lọ. Owó kì í gbé inú fóònù, inú ìwé àkáǹtì tí ilé-iṣẹ́ náà ń tọ́jú sórí kọ̀ǹpútà tiwọn ló wà. Bí oníbàárà bá sanwó fún un lálẹ́ ọjọ́ yẹn, owó náà yóò wọlé síbẹ̀. Ohun tó ti mọ́ ọn ni ọ̀nà àtijáde owó, àwọn tó sì tì í ń retí kó fi hàn pé òun gan-an ni. Ewu tó wà níbẹ̀ ni ohun tí èèyàn máa ń ṣe nígbà tí ojú bá ń kán an. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Kí ló dé tí áàpù kò mọ̀ yín mọ́?

Ọ̀pọ̀ wa gbà pé kọ́kọ́rọ́ méjì la ní sí owó wa: nọ́ńbà fóònù àti PIN. Kọ́kọ́rọ́ kẹta wà, fóònù fúnra rẹ̀ ni. Bí ọ̀pọ̀ áàpù owó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ wọlé, áàpù yóò ṣe àmì ìkọ̀kọ̀ kan sínú fóònù yẹn, níbi tí ẹ̀yin fúnra yín kò lè rí i, ilé-iṣẹ́ náà yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé fóònù yìí ni oníbàárà wa ń lò. Láti ọjọ́ náà lọ, gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ PIN ni wọ́n tún ń wo àmì yẹn láti ẹ̀yìn.

Àmì yìí kì í bá fọ́tò àti nọ́ńbà lọ sórí fóònù tuntun. Google lè kó áàpù wá, kò lè kó àmì náà wá, nítorí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó má ṣeé kó ni. Ìdí nìyẹn tí fóònù kan náà fi lè di àjèjì lójú áàpù nígbà mìíràn: bí ẹ bá pa gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ rẹ́ pẹ̀lú `Factory reset`, tàbí tí ẹ yọ áàpù kúrò tí ẹ sì tún gbé e padà, àmì náà lè bá a lọ.

Ẹ wo ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ ká ní kò sí kọ́kọ́rọ́ kẹta yìí. Olè já fóònù gbà lọ́wọ́ èèyàn nínú bọ́ọ̀sì. Kò mọ ohun tí a fi ń ṣí ojú fóònù, kò sì nílò rẹ̀. Yóò yọ síìmù, yóò kì í bọ fóònù tirẹ̀, yóò gbé áàpù owó wọlé, yóò tẹ nọ́ńbà náà, yóò sì sọ pé òun gbàgbé PIN. Nọ́ńbà ẹ̀rí, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí OTP, yóò wọlé sórí síìmù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ẹni tó ni fóònù tó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, owó ti tán. Ohun tó ń dí olè yìí lọ́nà ni pé áàpù rí i pé fóònù àjèjì ni, ó sì bèèrè ojú tí olè kò ní. Bí alájọ ṣe ń ṣe náà nìyẹn tí ẹni tí kò rí rí bá mú káàdì oníbàárà rẹ̀ wá: káàdì lè pé, nọ́ńbà lè pé, síbẹ̀ alájọ tó mọṣẹ́ yóò ní kí ẹni tó ni owó yọjú.

Ibo ni wọ́n ti rí ojú yín tí wọ́n fi ń wé e? Láti ara BVN àti NIN ni. Oṣù Kejì ọdún 2014 ni Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa, CBN, bẹ̀rẹ̀ ètò BVN, tí wọ́n ń ya àwòrán ojú tí wọ́n sì ń gba ìtẹ̀ka. NIN náà ní àwòrán tirẹ̀. Bí ẹ bá gbé ojú sí kámẹ́rà lónìí, àwòrán tí wọ́n yà yín lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n sábà máa ń fi wé e.

Irú títì wo ni?

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ fara balẹ̀ ka ohun tí áàpù kọ sójú fóònù, nítorí títì kì í ṣe irú kan. Ọ̀rọ̀ lè yàtọ̀ láti áàpù kan sí òmíràn, àmọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ kì í ju mẹ́rin lọ.

Èkíní ni ti fóònù tuntun. Áàpù gba PIN yín, ṣùgbọ́n ó ní kí ẹ fi OTP tàbí ojú ṣe ẹ̀rí. Èyí ló rọrùn jù. Ẹ mọ̀ pé lẹ́yìn tí ẹ bá ti wọlé tán pàápàá, àwọn áàpù kan yóò dín iye tí ẹ lè fi ránṣẹ́ kù fún wákàtí mélòó kan tàbí ọjọ́ kan. Nǹkan kan kò bàjẹ́. Wọ́n fi àsìkò yẹn sílẹ̀ kí ẹni tí wọ́n bá jí nǹkan rẹ̀ lè ráyè pariwo ni.

Èkejì ni ti PIN tí a tẹ̀ sí òdì lẹ́ẹ̀mélòó kan. Ẹ má ṣe máa fi àbá tẹ̀ ẹ́ lọ. Ẹ dúró fún àkókò tí wọ́n dá, tàbí kí ẹ yàn pé ẹ gbàgbé PIN.

Ẹ̀kẹta ni pé fóònù náà fúnra rẹ̀ ni áàpù kò gbà. Áàpù a ṣí, a sì pa ara rẹ̀ dé kí ẹ tó tẹ ohunkóhun, tàbí kó sọ pé fóònù kò láàbò. Ó wọ́pọ̀ lára fóònù alòkù tí ẹnì kan ti tú ètò inú rẹ̀, àti níbi tí `Developer options` bá wà ní títàn. Pípa èyí tó gbẹ̀yìn yìí kò le. Fóònù tí wọ́n bá ti tú ètò rẹ̀ ni kí ẹ dá padà fún ẹni tó tà á fún yín, ẹ má kó owó sórí ẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni pé àkáǹtì gan-an ni wọ́n dè, kì í ṣe fóònù. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún 2024, àṣẹ CBN ni pé àkáǹtì tí kò bá ní BVN tàbí NIN kò gbọdọ̀ lè yọ owó. Wọ́n tún lè de àkáǹtì bí ẹnì kan bá fẹjọ́ sùn nípa owó tó wọ inú rẹ̀. Ojú yíyà kò lè tú èyí.

Báwo lẹ ṣe máa mọ ẹ̀kẹrin yàtọ̀ sí èkíní? Bí fóònù ti tẹ́lẹ̀ bá ṣì ń tàn, ẹ ṣí áàpù lórí rẹ̀ kí ẹ tó parí ètò lórí tuntun, kí ẹ sì fi ₦100 ránṣẹ́ sí àkáǹtì yín mìíràn. Bí ó bá lọ, ọ̀rọ̀ fóònù tuntun lásán ni. Bí ti tẹ́lẹ̀ náà bá kọ̀, àkáǹtì ni wọ́n dè, ilé-iṣẹ́ náà ni kí ẹ kọrí sí tààrà.

Bí a ṣe ń wọlé padà

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ oníṣòwò wa ní Gbági. Títì èkíní ni tirẹ̀, ìyẹn ti fóònù tuntun. Ohun tó dára jù tó lè ṣe ní alẹ́ Sátidé yẹn ni kó fi fóònù sílẹ̀. Bí èèyàn bá ń gbìyànjú léraléra, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ olè á kà á sí olè, títì náà á sì máa le sí i.

Ní àárọ̀ Sunday, kó yọ áàpù tó bá ẹrù ti tẹ́lẹ̀ wá kúrò, kó sì gba tuntun láti `Play Store`, tàbí `App Store` bó bá jẹ́ áífóònù. Kó má gbà á láti orí líǹkì tí ẹnikẹ́ni fi ránṣẹ́ sí i lórí Wásáàpù. Kó wo aago àti ọjọ́ tó wà lórí fóònù, kó sì jẹ́ kí fóònù máa tò ó fúnra rẹ̀, nítorí fóònù tí aago rẹ̀ ṣì lè jẹ́ kí ìwọlé kọ̀ láìsọ ìdí. Síìmù tó so mọ́ àkáǹtì gbọ́dọ̀ wà nínú fóònù tuntun náà, kó sì lè gba àtẹ̀jíṣẹ́.

Bí OTP bá pẹ́, kó ṣe sùúrù. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí ni pé èèyàn á bèèrè òmíràn kí èkíní tó dé. Èkejì sábà máa ń pa èkíní. Bí èkíní bá wá dé, tó sì tẹ̀ ẹ́, wọ́n á ní kò tọ̀nà. Èyí tó dé gbẹ̀yìn ni kó tẹ̀, kó sì tẹ̀ ẹ́ kíákíá, nítorí kì í pẹ́ tó fi ń kú.

Ojú yíyà ló kù, ibẹ̀ ló sì ti há lálẹ́. Kó nu ojú kámẹ́rà iwájú, torí òróró ọwọ́ máa ń bò ó. Kó jókòó kọjú sí fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ lè tàn sí i lójú. Bó bá kẹ̀yìn sí fèrèsé, dúdú ni ojú rẹ̀ yóò jáde. Kó tú gèlè kúrò níwájú orí, kó bọ́ awò ojú, kó gbé fóònù sókè kó ṣe déédéé ojú rẹ̀, kó má gbé e sí itan. Bí wọ́n bá ní kó ṣẹ́jú tàbí kó yí orí, kó ṣe é wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Wọ́n ní kó ṣe ìyẹn kí ẹnì kan má baà na fọ́tò rẹ̀ sí kámẹ́rà ni.

Bó bá kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú ìmọ́lẹ̀ tó dára, kó dúró. Àwòrán BVN rẹ̀ lè ti pé ọdún mẹ́wàá, èèyàn a sì máa yí padà. Àwọn áàpù kan yóò jẹ́ kó lo NIN dípò. Bí kò bá sí èyí, iṣẹ́ kù sọ́wọ́ àwọn tó ń dá oníbàárà lóhùn. Wọ́n lè ní kó fi ìwé ìdánimọ̀ ránṣẹ́ nínú áàpù, tàbí kó wá sí ọ́fíìsì wọn.

Bó bá wọlé, kó má tíì fi owó ọjà ránṣẹ́. Kó fi ₦100 dán an wò ná, kó sì wo iye tí wọ́n gbà á láyè láti ná lọ́jọ́ náà. Bí àyè náà kò bá tó owó ọjà, tó sì ní káàdì ATM àkáǹtì yẹn lọ́wọ́, káàdì kò ní àmì fóònù kankan nínú. Ó sábà máa ń ṣiṣẹ́ lórí POS bó ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ó sì lè fi san owó fún ẹni tó ń tajà fún un.

Bí nọ́ńbà ti tẹ́lẹ̀ kò bá sí lọ́wọ́ yín mọ́

Gbogbo ohun tí mo ti sọ dúró lórí pé síìmù wà lọ́wọ́ yín. Bí kò bá sí, síìmù ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà padà. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín pẹ̀lú NIN, kí wọ́n bá yín ṣe èyí tí a máa ń pè ní wẹ́líkọ́ọ̀mù báàkì. Ibi tó ti ń ṣòro ni pé ọ̀pọ̀ síìmù wà tó jẹ́ pé orúkọ ẹlòmíràn ni wọ́n fi forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, bóyá ẹ̀gbọ́n, bóyá ẹni tó tà á. Ẹni tó ni orúkọ nìkan ló lè gbà á padà.

Ẹ má sì fi nọ́ńbà sílẹ̀ kó pẹ́ jù. Òfin NCC gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì láyè láti ti nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni kò fi ṣe ohun tó mówó wọlé fún oṣù mẹ́fà, bó bá sì tún fi oṣù mẹ́fà mìíràn wà bẹ́ẹ̀, wọ́n lè fún ẹlòmíràn. OTP yín á wá máa dún lórí fóònù àjèjì. Bí nọ́ńbà ti lọ pátápátá, ẹ lọ sí báńkì kí wọ́n yí nọ́ńbà tó wà lára BVN yín padà, kí ẹ tó kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ áàpù.

Bó bá jẹ́ pé wọ́n jí fóònù ni, ètò rẹ̀ yàtọ̀. Ẹ yá fóònù ẹlòmíràn lójú ẹsẹ̀, ẹ pe nẹ́tíwọ́ọ̀kì kí wọ́n ti síìmù, ẹ wá pe ilé-iṣẹ́ áàpù àti báńkì kí wọ́n de àkáǹtì. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, kí ẹ tó wá gba síìmù padà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá ti fún olè ní àkókò.

Ẹni tó ní òun fẹ́ ràn yín lọ́wọ́

Ní ìrọ̀lẹ́ Sunday yẹn, ká ní ọmọ oníṣòwò wa lọ wá nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ náà lórí Fésíbúùkù. Ó rí ojú ewé kan tó ní àmì ilé-iṣẹ́ náà gan-an. Ẹni tó dá a lóhùn kó ọ̀wọ̀ sọ́rọ̀: «Ẹ má bínú, Mọ̀mí, ìṣẹ́jú márùn-ún ni a ó fi ṣí i. Nọ́ńbà mẹ́fà kan máa wọlé báyìí, ẹ kà á fún mi.»

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lápá kejì nìyí. Gbájúẹ̀ náà ti gbé áàpù sórí fóònù tirẹ̀, ó ti tẹ nọ́ńbà mọ̀mí síbẹ̀, òun gan-an ló bèèrè OTP náà. Bí wọ́n bá kà á fún un, fóònù tirẹ̀ ló máa di kọ́kọ́rọ́ kẹta. Bí áàpù bá bèèrè ojú, yóò ní kí mọ̀mí jẹ́ kí àwọn rí ara lórí fídíò, kó ṣẹ́jú, kó yí orí, yóò sì gbìyànjú láti fi èyí tó ká sílẹ̀ wọlé. Àwọn mìíràn á ní kí ẹ gbé `AnyDesk` tàbí `TeamViewer` sórí fóònù yín. Àwọn áàpù méjèèjì máa ń jẹ́ kí ẹlòmíràn rí ojú fóònù yín láti òkèèrè, títí kan OTP tó bá wọlé. Àwọn kan á sì gba ₦5,000 owó ìṣílẹ̀kùn. Kò sí ohun tó ń jẹ́ owó ìṣílẹ̀kùn.

Òṣìṣẹ́ tòótọ́ lè bèèrè orúkọ yín, nọ́ńbà àkáǹtì, iye tí ẹ fi ránṣẹ́ kẹ́yìn, tàbí ìwé ìdánimọ̀. Kò ní bèèrè PIN, kò ní bèèrè OTP. Inú áàpù náà, ojú ewé rẹ̀ ní `Play Store`, tàbí ẹ̀yìn káàdì ATM ni kí ẹ ti mú nọ́ńbà wọn. Bákan náà, ẹ má fi fóònù àti PIN sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún fóònù ṣe, bó ti wù kó jẹ́ ọmọ àdúgbò tó.

Bí ilé-iṣẹ́ náà bá gba ẹjọ́ yín, ẹ bèèrè nọ́ńbà ẹjọ́ náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ pè. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí wọn kò yanjú rẹ̀, ẹ lè kọ̀wé sí ẹ̀ka CBN tó ń dáàbò bo oníbàárà ní `cpd@cbn.gov.ng`. Ẹ kọ orúkọ, nọ́ńbà àkáǹtì, ọjọ́ tí ó ti há, àti nọ́ńbà ẹjọ́ yẹn. Láìsí nọ́ńbà ẹjọ́, ó máa nira fún yín láti fi hàn pé ẹ ti kọ́kọ́ fẹjọ́ sun ilé-iṣẹ́ náà.

Kí ẹ tó pààrọ̀ fóònù

Ẹni tí fóònù rẹ̀ kò tíì bàjẹ́ lè yẹra fún gbogbo wàhálà yìí. Nígbà tí ti tẹ́lẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́, ẹ ṣí áàpù owó kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wò ó bóyá nọ́ńbà tó wà nínú ẹ̀ ni síìmù tí ẹ ń lò, àti bóyá BVN àti NIN ti so mọ́ ọn. Ẹ wọlé sórí tuntun ní ọ̀sán ọjọ́ tí ẹ kò ní owó pàjáwìrì kankan láti san. Ẹ má ta ti tẹ́lẹ̀ títí ẹ ó fi fi owó ránṣẹ́ láti orí tuntun láìsí ìdíwọ́ àyè owó.

Bí ẹ bá wá fẹ́ tà á, ẹ tò ó báyìí: ẹ kọ́kọ́ jáde nínú gbogbo áàpù owó, ẹ yọ àkáǹtì Google yín kúrò, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá ṣe `Factory reset`. Bí ẹ bá fo àkáǹtì Google, fóònù lè máa bèèrè ọ̀rọ̀ aṣínà yín lọ́wọ́ ẹni tó rà á, yóò sì máa pè yín kí ẹ sọ ọ́ fún un. Ẹ má sọ ọ́. Ẹ ní kó gbé fóònù náà wá, kí ẹ̀yin fúnra yín tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì yọ àkáǹtì náà kúrò lójú rẹ̀.